Ìwé Ìwọlé Tí Baba Fi Ọ̀rá Bò

Bí o bá gbé ìwé lé Májẹ̀ẹ́kóya lọ́wọ́, tí o wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, kí o tó yíjú padà ó ti fi ọ̀rá bò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó ń tẹ ìwé jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń ya fọ́tò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn rẹ̀ yọ́ sí jù ni kó ki ìwé sáàárín ọ̀rá, kó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ gbígbóná, kó wá lọ dúró lódì kejì kó máa wò ó bó ṣe ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń dán, tó sì le gbagidi. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ti fi ọ̀rá bo lẹ́tà ìfẹ́ rí. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá ṣèèṣì sùn lọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, inú ọ̀rá lòun máa jí sí.

Ọdún méjìlélógún ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbà pé òun ba ìwé ẹnikẹ́ni jẹ́. Bí fọ́tò bá dúdú, iná ló fà á. Bí ọ̀rá bá hunjọ, ọ̀rá ayé òde òní ni kò dáa mọ́. Bí ìwé bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, oníbàárà ló gbé ìwé tó tutù wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ “ẹ̀bi mi ni” lẹ́nu rẹ̀, kí onítọ̀hún wá àga jókòó, nítorí ó máa pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má bínú sí i. Ojú rẹ̀ rí nǹkan ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, láàárọ̀ ọjọ́ tí òun alára fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé girama, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìwọlé rẹ̀ wà. Kó tó dé gbọ̀ngàn, fọ́tò ti ṣí kúrò lára ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ ti di àbàwọ́n, wọ́n sì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, baba rẹ̀ ń ṣàìsàn. Lọ́dún kejì, iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó ṣe di pé kò ṣe é mọ́ nìyẹn. Kì í sọ ọ̀rọ̀ náà létí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ̀, ó parí síbẹ̀.

Ọmọ yẹn ni Ìyá Àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni o, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń ṣe bí ẹni tó bí baba rẹ̀. Òun ló ń bi í bóyá ó ti jẹun, òun ló ń bá a wá awò ojú tí baba gbé sórí ara rẹ̀ tó tún ń wá a kiri ṣọ́ọ̀bù. Baba rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn nílé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ lù, orí tábìlì ni wọ́n to gbogbo ẹrù ọmọ sí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ń bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka oògùn fún aláìsàn.

“Káàdì ìdánimọ̀ ilé-ìwé ńkọ́?”

“Ó wà níbí, Màámi.”

“Báírò?”

“Méjì. Pẹ́ńsùlù náà méjì, írésà wà, rúlà wà. Inú àpò tó fojú hàn ni mo kó wọn sí, wọn ò ní gba èyí tí kò bá fojú hàn.”

“Fóònù?”

“Ó ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú fóònù dé ibẹ̀.”

“Ìwé ìwọlé?”

“Òun rèé.” Ìyá Àgbà gbé bébà náà sókè, bébà kan ṣoṣo, tó ní fọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ gbọ̀ngàn àti gbogbo iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó fẹ́ ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé ti buwọ́ lù ú, òǹtẹ̀ ilé-ìwé sì gorí etí fọ́tò. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kan ká fi sílẹ̀ nílé. Olùkọ́ wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojúlówó ni màá mú lọ.”

Fọ́tòkọ́pì kan péré. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀ kò ju yàrá iwájú ilé lọ, ilẹ̀kùn kan ló là wọ́n láàárín. Baba gba ìwé, ó ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, ó sì gbé ojúlówó náà dání, ó ń wò ó. Ó wo fọ́tò ọmọ rẹ̀ títí. Ó wo nọ́ńbà. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rí àwọn lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò kà á. Ẹni tó ń gba igba ìwé lọ́wọ́ èèyàn lójúmọ́ kì í ka ìwé mọ́, bóyá ó dúró gbọọrọ lójú ẹ̀rọ nìkan ló máa ń wò. Ó yọjú síta, ó rí ìkùukùu kan lójú sánmà, ìkùukùu tí kò tó nǹkan. Ó ti tan ẹ̀rọ gbígbóná sílẹ̀ láti ìgbà tó ti jí.

Nígbà tó padà wọlé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé náà bí ẹni gbé àwo oúnjẹ fún àlejò pàtàkì. Ìwé náà ń dán gbinrin. “Kí òjò rọ̀ títí kó fi rẹ ara rẹ̀,” ni baba wí, “kò lè rí eléyìí gbé ṣe.”

“Ẹ tún ti ṣe é,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà. Ó gbójú sókè wo baba rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó tún pa á dé. “Ẹ ṣé, Bàbá,” ló sọ nígbẹ̀yìn, omi sì lé ròrò sí i lójú. Inú baba rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ilé-ìwé mìíràn ni gbọ̀ngàn ìdánwò wà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá rẹ̀ gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, baba sì sin ọmọ. Kò mọ̀ pé òun nìkan lòun ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó máa fi kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, wọ́n ti dé ẹnu géètì. Àwọn òbí ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ó dúró láàárín wọn, ó ń yọjú láàárín irin géètì, ó sì ń wo ìlà àwọn ọmọ tó gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Tábìlì kan wà níbẹ̀. Alábòójútó gbọ̀ngàn jókòó sídìí rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá dé iwájú rẹ̀, á gba káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìwọlé, á wo ojú ọmọ, á wo fọ́tò, á wo ìwé orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, èyí tí fọ́tò gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á na báírò sí ọmọ náà, ọmọ á buwọ́ lu ìwé ìwọlé lójú rẹ̀, òun náà á sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

“Àwọn ọmọ tó mú ìwé lásán wá yìí,” ni Májẹ̀ẹ́kóya sọ fún obìnrin tó dúró tì í, “òógùn ọwọ́ wọn nìkan tó láti bà á jẹ́. Ẹ máa wo ti ọmọ mi.”

Wọ́n sì jọ wò ó lóòótọ́. Ó kan Ìyá Àgbà. Alábòójútó gba ìwé náà, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó tún gbé e wálẹ̀. Ó fi ìka nu orí òǹtẹ̀ ilé-ìwé, ó fi nu etí fọ́tò. Ó na báírò sí ọmọ. Ọmọ gbìyànjú láti kọ ọ́. Báírò ń yọ̀ lórí ọ̀rá, kò já nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n fún un ní báírò mìíràn. Ìyẹn náà yọ̀. Alábòójútó bi í ní nǹkan, ọmọ tẹrí ba, ó sì dáhùn. Ni wọ́n bá ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Májẹ̀ẹ́kóya di irin géètì mú. Kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìrísí ọmọ tí wọ́n bá ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wá pè é ní géètì, fáìlì méjì wà lábíyá rẹ̀. Òun ni olùkọ́ tó ń mójútó ìdánwò nílé-ìwé Ìyá Àgbà. Ìyá Fáìlì ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí wọn ò rí i rí kó má gbé fáìlì. Ó wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

“Bàbá Ìyá Àgbà, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà, ṣé ẹ kà á?”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ̀?”

Ìyá Fáìlì yọ ẹ̀dà kan jáde nínú fáìlì, ó kà á fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ buwọ́ lu ìwé yìí àfi lójú alábòójútó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Alábòójútó yóò lu òǹtẹ̀ sí i. Fọ́tòkọ́pì kò ṣe é lò. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá bò ó.

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ọ̀rá bo fọ́tò ẹlòmíràn mọ́ ìwé kí wọ́n lè rán ẹlòmíràn wọlé lọ ṣe é fún wọn,” ni obìnrin náà wí. “Ìdí tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ nìyẹn. Ẹ dákun, ṣé ẹ lè ṣí i? Ẹ̀yin lẹ kúkú níṣẹ́.”

Ìbéèrè yìí ló dá a lágara jù lọ, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ tó òun fúnra rẹ̀. “Ohun tó bá ti gba ẹnu ẹ̀rọ yẹn kọjá, ó lọ nìyẹn. Bí mo bá fà á, yíǹkì á bá ọ̀rá lọ. Fọ́tò náà á bá a lọ.”

Alábòójútó dìde wá bá wọn. Kò pariwo, kò sì bínú. “Mo rí ọmọ yìí nínú ìwé orúkọ mi,” ló wí. “Káàdì rẹ̀ bá a mu, olùkọ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Mi ò ní tìtorí èyí lé e padà. Ó máa wọlé kọ Ìṣirò láago mẹ́sàn-án bíi tàwọn yòókù. Àmọ́ aago mọ́kànlá ni mò ń di ìwé ìdáhùn wọn pọ̀ tí mò ń lẹ̀ ẹ́ pa. Ojúlówó ìwé ìwọlé mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ọ̀gá ilé-ìwé àti òǹtẹ̀. Bí kò bá dé, àpò ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ máa wọ̀, pẹ̀lú ẹjọ́ lórí. Ìgbà tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti bóyá wọ́n tiẹ̀ máa máàkì rẹ̀, n ò lè sọ. Kọ́mọ wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kó tó wọlé.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni Májẹ̀ẹ́kóya wí. Ó fẹ́ fi kún un pé ọ̀rá tí wọ́n ń tà báyìí ló nípọn jù, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì.

Ìyá Fáìlì ò lè kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí. Ó tẹ akọ̀wé ilé-ìwé láago pé kó ṣí ojú ìwé Ìyá Àgbà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ìwé pélébé kan fún baba mú lọ. “Ẹ yára o,” ló wí. “Ọ̀gá ń lọ sípàdé láago mẹ́wàá, wọn ò sì ní padà dé títí di alẹ́.”

Alùpùpù ni Májẹ̀ẹ́kóya gùn. Ó ń bẹ ọlọ́kọ̀ pé kó sáré, ó tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sáré jù, títí ọlọ́kọ̀ fi ní kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ti ṣubú dí afárá lójú ọ̀nà, wọ́n sì dúró títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá dáadáa. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì akọ̀wé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí aago mẹ́wàá lù. Ìwé ìwọlé ọmọ rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò rẹ̀ ń wò wọ́n. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé bébà mì, ó kùn, ó tún kùn, ó dákẹ́. Iná pupa tàn.

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn,” ni akọ̀wé wí, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. “Ẹni tó ń tún un ṣe máa wá lọ́la.”

“Sún sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ mi,” ni Májẹ̀ẹ́kóya wí.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ ká fún oníṣẹ́ ní iṣẹ́ rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di bébà tó há náà mú lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fà á jẹ́jẹ́ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kò fà á sẹ́yìn, torí fífà sẹ́yìn ló ń já a. Àjákù kékeré kan ti há mọ́ ìdí róbà tó ń yí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó fi ìka yọ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ padà. Bébà jáde, ṣùgbọ́n ìlà funfun gba ojú fọ́tò kọjá. Kò ṣe é mú lọ. Ó yọ ike yíǹkì jáde, ó mì í sí ọ̀tún, ó mì í sí òsì, bí ìgbà téèyàn ń rẹ ọmọ, ó kì í bọlé padà. Ẹ̀kẹta jáde, ó sì mọ́ kedere.

“Ẹ ò wá máa bá wa ṣiṣẹ́ níbí?” ni akọ̀wé wí.

Májẹ̀ẹ́kóya ò gbọ́. Ìró ọkọ̀ ló gbọ́. Ó sáré jáde, ó sì bá ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ń yí orí sí ẹnu ọ̀nà. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò juwọ́, ó kàn lọ dúró síwájú ọkọ̀ náà gbọnrangandan pẹ̀lú ìwé tó gbé sókè lókè orí.

Ọ̀gá ilé-ìwé sọ gíláàsì kalẹ̀. Obìnrin aláwàdà ni. “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ yín pa kí n má baà débi ìpàdé ni?”

Ó ṣàlàyé. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé “ọ̀rá ti bo ìwé náà”, bí ìgbà tí ọ̀rá dìde fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wo ìwé pélébé Ìyá Fáìlì, ó wo fọ́tò, ó mọ ọmọ náà dáadáa. Ó gbé e lé itan, ó buwọ́ lù ú nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì ni òǹtẹ̀ wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà nísàlẹ̀ báàgì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú báàgì náà kalẹ̀ sórí ìjókòó, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó padà sí ọ́fíìsì, ó lu òǹtẹ̀. Ó na ìwé náà sí i, ó tún fà á sẹ́yìn díẹ̀.

“Ẹ ṣèlérí fún mi.”

“N ò ní fi nǹkan kan bò ó, Mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹtẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó kán lu ọlọ́kọ̀.”

Ó fẹ́ ẹnu sí i. Ó wá páálí méjì lọ́wọ́ akọ̀wé, ó fi ìwé náà sáàárín wọn, ó sì gbá a mọ́ àyà. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà padà, ó ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì-kì mọ́ páálí náà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló kù kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí Ìyá Fáìlì mú un kọjá géètì.

Gbogbo ayíká gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ojú fèrèsé, ó rí ẹ̀yìn orí Ìyá Àgbà nínú ìlà kẹta, orí náà tẹ̀ mọ́ ìwé, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ń mì bó ṣe ń kọ ọ́. Alábòójútó bọ́ síta sí i. Ó gba ìwé tuntun, ó fi ìka wo òǹtẹ̀, ó fi wé fọ́tò tó wà nínú ìwé orúkọ, ó sì mi orí.

“Eléyìí dára. Ọmọ máa buwọ́ lù ú tó bá parí.” Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde. “Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ ka ohun tí ọmọ yín kọ.”

Májẹ̀ẹ́kóya gbé awò rẹ̀ bọjú. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ló rí, lẹ́tà róbótó róbótó tó mọ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ ọ́ sára ògiri. Èmi ni mo fi ọ̀rá bo ìwé ìwọlé mi ní ṣọ́ọ̀bù baba mi. Baba mi kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

“Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe é,” ni alábòójútó wí, “dandan ni kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìdáhùn rẹ̀, bí ìwé tuntun tiẹ̀ ti dé. Wọ́n lè ní kó wá rojọ́, wọ́n sì lè dá èsì ìdánwò rẹ̀ dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é láìmọ̀, tónítọ̀hún sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó parí síbí lónìí. N ò tì yín o. Mo kàn ń bi yín ni.”

Ìyá Fáìlì wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Àwọn òbí tó wà ní géètì náà na ọrùn, ìdajì wọn ló jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọdún méjìlélógún: ìkùukùu wà lójú sánmà, lẹ́tà ẹ̀yìn ìwé ti kéré jù, iná mọ̀nàmọ́ná... Ó wo èjìká kékeré tó ń mì lójú fèrèsé. Ọmọ yìí ti kà á. Láàárọ̀, lórí tábìlì, ó ti ka ẹ̀yìn ìwé náà, ó ti mọ̀ pé wàhálà dé, ó sì wo ojú baba rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní “ẹ ṣé, Bàbá.” Nígbà tí wọ́n wá ní kó sọ ẹni tó ṣe é, ó gbé e sórí ara rẹ̀.

“Ẹ yá mi ní báírò,” ni Májẹ̀ẹ́kóya wí.

Ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì kọ ọ́ nísàlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Èmi ni baba rẹ̀. Irọ́ ni ọmọ yìí pa, tìtorí mi ló sì ṣe pa á. Fọ́tòkọ́pì ló ní kí n ṣe. Èmi ni mo fi ọ̀rá bo ìwé náà, n kò ka ẹ̀yìn rẹ̀, n kò bi í. Ó dúró. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó kọ èyí tó le jù: Mo ba ìwé náà jẹ́. Ó buwọ́ lù ú. Ìyá Fáìlì náà buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó sì ń fi ìka nu abẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni tí eruku kó sí.

Alábòójútó kà á. “Ó parí nìyẹn,” ló wí, ó sì fi sínú fáìlì tirẹ̀, kò fi sínú àpò ìwé ìdáhùn.

Aago mọ́kànlá lù. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n kà á, wọ́n dì í pọ̀. Wọ́n pe Ìyá Àgbà sí tábìlì, ó buwọ́ lu ìwé tuntun náà lójú alábòójútó, báírò sì já geere lórí rẹ̀. Òǹtẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gbì, wọ́n sì dá ìwé náà padà fún un. Nígbà tó jáde, baba rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lábẹ́ igi lẹ́nu géètì.

“Bàbá, ẹ ti jẹun?”

Ó fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ló jáde. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀! Ọmọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mo rí ohun tóo kọ,” ló wí nígbà tó rí ohùn padà. “Mo ti kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀.”

“Ẹ kọ kí ni?”

“Pé èmi ni. Pé mo ba ìwé jẹ́.”

Ìyá Àgbà wò ó pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. “Ẹ̀yin? Ẹ fọwọ́ yín kọ ọ́? Bàbá, àwọn èèyàn dúró níbẹ̀! Ìdí tí mo fi sọ pé èmi ni nìyẹn. Mo rò pé wọ́n á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì ní gbé ìwé wá fún yín mọ́.”

“Kí wọ́n máa gbé e lọ síbòmíràn. Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń ṣiṣẹ́ náà fún. Kí ló dé tóo kò sọ fún mi láàárọ̀ pé mo ti ṣì í ṣe?”

“Ojú yín ni,” ni ọmọ wí. “Inú yín ń dùn bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ kọ ìdánwò náà. N ò lè sọ ọ́.”

Ó gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì mú un títí, títí ọmọ fi ní òun ò lè mí mọ́.

Wọ́n ra búrẹ́dì àti ẹyin níwájú géètì, wọ́n jókòó sórí pákó kan, wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ sọ àwọn ìbéèrè Ìṣirò tó kọ fún un, baba ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sì mọ ìdá kan nínú rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago kan lù, agogo dún fún iṣẹ́ kejì. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò sórí ìlà, pẹ̀lú káàdì àti ìwé ìwọlé lọ́wọ́. Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. Etí ìwé náà kan ti tẹ̀ díẹ̀ níbi tó mú un sí. Baba rẹ̀ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó di ìwé náà mú létí, ó fẹ́ tẹ́ ẹ, ó fẹ́ nà án, ó fẹ́ kàn bá a gbé e dé ẹnu géètì.

“Bàbá,” ni Ìyá Àgbà wí jẹ́jẹ́, “ẹ jẹ́ kí n mú un.”

Ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ náà. Ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un.